Orí òpó ni, àbí ara tiransifọ́mà? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ fi arẹ́sítà gba tiransifọ́mà lọ́wọ́ àrá ní Èkìtì

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń fi àrá kí àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ̀gbọ́n, àrá sán lálẹ́ àná, tiransifọ́mà wa ti lọ o." Mo máa ń bi wọ́n bóyá ó ní arẹ́sítà, ohun tó ń darí àrá lọ sínú ilẹ̀. Wọn á ní ó ní, mẹ́ta ló wà lórí òpó, tuntun sì ni. Ìbéèrè kejì ló máa ń mú kí ẹni tó pè mí dákẹ́: wáyà tó jáde nídìí arẹ́sítà yẹn, ibo ló gbà wálẹ̀, kí sì ni wọ́n so ó mọ́?

Orí ìbéèrè kejì yẹn ni mo máa dúró sí jù. Àwọn ẹgbẹ́ onílé tó ń dáwó ra tiransifọ́mà máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì láti jiyàn lórí irú arẹ́sítà tí wọn yóò rà, wọn kì í sì í lo ìṣẹ́jú méjì lórí ibi tí wọn yóò gbé e sí. Bẹ́ẹ̀, tí a bá jókòó ṣírò rẹ̀, gígùn wáyà àti ibi tí a gbé arẹ́sítà sí ló ń pa tiransifọ́mà ju irú èyí tí a rà lọ. Láìnì 11 kílófóòtì, tí wọ́n ń kọ bíi 11 kV sára àwo, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló wọ inú àdúgbò wa jù. Ti 33 kV máa yọjú níwájú.

Ohun tí arẹ́sítà ń ṣe

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé arẹ́sítà máa ń gbé àrá mì ráúráú, tí kò fi ní sí ohunkóhun tó kù fún tiransifọ́mà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n to àwọn bíríkì kéékèèké tí wọ́n fi síǹkì ọ́sáìdì ṣe lé ara wọn lórí. Nígbà tí iná ń lọ déédéé, àwọn bíríkì yìí kì í jẹ́ kí ohun tó nítumọ̀ kọjá. Tí àrá bá sán sí wáyà tàbí nítòsí rẹ̀, tí fóòtì fò sókè lójijì, wọ́n á ṣílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámpíà á gba inú wọn lọ sílẹ̀, wọ́n á sì tún padà tì fúnra wọn. Gbogbo rẹ̀ kò tó kí èèyàn ṣẹ́jú.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀ yẹn, fóòtì kan ṣì máa ń kù láàárín orí arẹ́sítà àti ìdí rẹ̀. Mo máa pè é ní ìṣẹ́kù. Fún arẹ́sítà 12 kV tí 10,000 ámpíà ń gba inú rẹ̀, ìṣẹ́kù yìí máa ń wà ní nǹkan bíi 40 kV. Ohun tó kù yìí ni tiransifọ́mà gbọ́dọ̀ fara dà, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wáyà gígùn bá tún fi kún un.

Agbára ìfaradà tiransifọ́mà wà lára àwo rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `LI 75 AC 28` sí. 75 yẹn ni pé, nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun, wọ́n rán ìgbì fóòtì tó dà bíi ti àrá sí i títí dé 75 kV, bébà àti epo inú rẹ̀ kò sì ya. A kì í fi gbogbo 75 náà ṣírò, torí bébà ń gbó, epo sì ń mumi. Àṣà tó wà nínú ìlànà àgbáyé ni kí a fi 1.15 pín in, kí ó ku nǹkan bíi 65. Nítorí náà 65 kV ni òkè àjà wa. Búṣìn ni tánganran tí wáyà gbà wọ inú tiransifọ́mà; ohunkóhun tó bá dé ẹnu rẹ̀ tó ju ìyẹn lọ, à ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Láti 40 dé 65, kV 25 péré ló wà lọ́wọ́ wa fún wáyà, fún jíjìnnà, fún gbogbo àìbìkítà ẹni tó gun òpó.

Ọ̀nà mẹ́ta, tiransifọ́mà kan

Mo máa fi iṣẹ́ kan ṣàlàyé. Àdúgbò kan ni, ní ìsàlẹ̀ àpáta lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́. Tiransifọ́mà 300 kVA ló wà níbẹ̀, wọ́n gbé e lé pèpéle kọnkéré, òpó méjì tí wọ́n fi irin dábùú so pọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àrá pa á ní ọdún kẹrin. Arẹ́sítà mẹ́ta wà lórí irin dábùú lókè, tánganran dáadáa, kò sí èyí tó fọ́ nínú wọn. Mo fi mégà, ẹ̀rọ tí a fi ń mọ̀ bóyá iná ń jò, wọ̀n wọ́n, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Olórí ẹgbẹ́ onílé dúró tì mí, ó ní, "Ẹ wò ó, arẹ́sítà yè, ohun tó yẹ kó gbà ló kú." Bàbá yẹn kò mọ̀ pé òun ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán.

Láti ìdí arẹ́sítà, wáyà bàbà kan sọ̀ kalẹ̀ lára òpó, mítà mẹ́jọ, ó wọ ilẹ̀ sára ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ara tiransifọ́mà náà ní ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, mítà mẹ́rin sí èkejì. Àwọn méjèèjì kò fojú kan ara wọn níbì kankan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri nìyẹn: ẹ́ẹ̀tì arẹ́sítà lọ́tọ̀, ti ara tiransifọ́mà lọ́tọ̀, ti níútírà lọ́tọ̀. Ẹni tó kọ́ wọn sọ pé kí wọ́n má pa wọ́n pọ̀, wọ́n sì gbà á bí òfin.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Nǹkan méjì ló ń fi fóòtì kún ìṣẹ́kù. Èkíní ni wáyà arẹ́sítà fúnra rẹ̀. Wáyà tó tọ́ dáadáa fún iná ojoojúmọ́ máa ń di ìdènà fún àrá, torí bí àrá ṣe ń yára gùnkè. Tí iná àrá bá ń gùnkè ní 10,000 ámpíà láàárín ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, mítà wáyà kan á fi nǹkan bíi 10 kV kún un. Bí wáyà náà ṣe nípọn tó kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Gígùn rẹ̀ ló ń yí i. Èkejì ni jíjìnnà láti ibi tí arẹ́sítà ti so mọ́ láìnì dé ẹnu búṣìn. Tí ìgbì àrá bá dé ibi tí ọ̀nà parí, ìyẹn ni kọ́ìlì tiransifọ́mà, ó máa ń ta padà, ó sì ń gun ara rẹ̀ lórí kí arẹ́sítà tó rí i fà sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

```
U = Ures + 2·S·l/v
```

`Ures` ni ìṣẹ́kù, `S` ni bí fóòtì ṣe ń yára gùnkè, `l` ni jíjìnnà náà ní mítà, `v` sì ni ìyára ìgbì lórí wáyà òkè, mítà 300 láàárín ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Fún àrá tó sán nítòsí, ká fi `S` sí 1,000 kV láàárín ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, mítà kọ̀ọ̀kan á fi nǹkan bíi 6.7 kV kún un.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni èyí tí mo bá níbẹ̀. Wáyà arẹ́sítà lókè jẹ́ ìdajì mítà, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́jọ, nítorí náà 85 kV ló gun orí 40. Láti orí òpó dé búṣìn jẹ́ mítà mẹ́fà, ìyẹn 40 kV mìíràn. Ó ti di 165 kí a tó dé inú ilẹ̀. Ilẹ̀ náà ni mo wọ̀n, 35 óòmù. 10,000 ámpíà lórí 35 óòmù jẹ́ 350 kV lórí ìwé, torí pé ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tiransifọ́mà dá wà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló máa bọ́ sí àárín búṣìn àti ara tiransifọ́mà. Lóòótọ́, nọ́ńbà yìí kì í pé dé bẹ́ẹ̀ lójú ayé: àwọn ọ̀pá méjèèjì súnmọ́ ara wọn, wọ́n ń pín díẹ̀, fóòtì ilẹ̀ àti ti wáyà kì í dé góńgó lẹ́ẹ̀kan náà, tánganran orí òpó náà á sì ti ta iná kọjá kó tó dé bẹ́ẹ̀. Àmọ́ 75 ni tiransifọ́mà ní. Ìdá kékeré nínú rẹ̀ ti tó pa á.

Ọ̀nà kejì ni kí arẹ́sítà wà lórí òpó níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí wáyà ìdí rẹ̀ kọ́kọ́ kan ara tiransifọ́mà kó tó wọ ilẹ̀. Ìyípadà kékeré lèyí, kò gba ju wáyà díẹ̀ àti bóòtù kan lọ, ohun tó sì ń ṣe pọ̀. Nígbà tí ìdí arẹ́sítà àti ara tiransifọ́mà ti di ọ̀kan, tí ilẹ̀ bá gbé fóòtì sókè, méjèèjì á jọ gbé e sókè. Kọ́ìlì kò ní rí 350 yẹn mọ́ rárá. Ohun tó kù ni 40, àti mítà mẹ́fà ààbọ̀ wáyà, 65 kV, àti jíjìnnà, 40. Àpapọ̀ jẹ́ 145. Ó ṣì pọ̀ jù.

Ọ̀nà kẹta ni kí a gbé arẹ́sítà kúrò lórí òpó, kí a fi irin kékeré so ó mọ́ ara tiransifọ́mà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búṣìn. Wáyà òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀ kò ju ìdajì mítà lọ, jíjìnnà náà sì jẹ́ ìdajì mítà. 40 àti 5 àti nǹkan bíi 3: kV 48. Ó wà lábẹ́ 65, ó sì ku àyè.

Mo tún ṣírò kan náà fún àrá tó sán níbi tó jìnnà, èyí tó ti rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa: kí iná àrá máa gùnkè ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ìṣáájú, kí ohun tó gba inú arẹ́sítà sì jẹ́ 2,000 ámpíà. Mo fi ìṣẹ́kù sílẹ̀ ní 40, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa dín díẹ̀, kí àṣìṣe mi lè wà níhà tó dára.

| Ibi tí arẹ́sítà wà | Àrá nítòsí | Àrá jíjìnnà | Òkè àjà |
|---|---|---|---|
| Orí òpó, ẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ | 165 kV, láìka ti ilẹ̀ | 53 kV, ti ilẹ̀ sì lè fi tó 70 kún un | 65 kV |
| Orí òpó, wáyà kan ara tiransifọ́mà | 145 kV | 51 kV | 65 kV |
| Ara tiransifọ́mà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búṣìn | 48 kV | 41 kV | 65 kV |

Ẹ wo ìlà àárín dáadáa, torí ó dáhùn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí: "Tí kò bá dára, kí ló dé tí ti àdúgbò kejì ṣì wà láti ọjọ́ yìí?" Ọ̀pọ̀ àrá tó ń dé orí láìnì ti ọ̀nà jíjìn wá, ọ̀nà kejì sì lè gbé irú rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá sán sí òpó kejì tàbí ìkẹta sí tiransifọ́mà ni a máa mọ̀ bóyá ọ̀nà kẹta ni a yàn. Ní ibi gíga tí láìnì ti gba orí òkè kọjá, bíi ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n sí Ìkọ̀gòsì, ọjọ́ yẹn kì í pẹ́ dé.

Ìmọ̀ràn mi kò lọ́jú pọ̀: ẹ gbé e sára tiransifọ́mà. Tí ẹni tó ni láìnì bá kọ̀, tí ó ní orí òpó ni òun fẹ́, ẹ bá a dé ọ̀nà kejì, ẹ má gbà fún ọ̀nà àkọ́kọ́. Àṣẹ ilé-iṣẹ́ iná sì ṣe pàtàkì nínú èyí. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà náà láìjẹ́ pé wọ́n ti pa á, tí wọ́n fún un ní ìwé, tí wọ́n sì ti so ẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn.

Àwọn tó lòdì sí gbígbé e sísàlẹ̀

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ méjì, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti fíúsì. Tí arẹ́sítà bá wà lórí òpó, ṣáájú dí-fíúsì, ìyẹn fíúsì orí òpó, iná àrá kò ní gba inú fíúsì. Tí ó bá wà lára tiransifọ́mà, ó ti di ẹ̀yìn fíúsì nìyẹn, gbogbo ohun tí àrá gbé wá ló máa gba inú rẹ̀. Fún tiransifọ́mà kékeré, 50 kVA bí àpẹẹrẹ, tí iná rẹ̀ kò tó ámpíà mẹ́ta ní 11 kV, fíúsì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé gbogbo òjò ni yóò máa já. Fún 300 kVA, tí ó ń fa nǹkan bíi ámpíà 16 tí ó bá kún, fíúsì rẹ̀ nípọn tó láti gbé ọ̀pọ̀ jù lọ. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, arẹ́sítà tó bá kú sẹ́yìn fíúsì, fíúsì ló máa gé e kúrò. Èyí tó bá kú ṣáájú fíúsì, gbogbo fídà ló máa já, àdúgbò mẹ́wàá á sì wà nínú òkùnkùn nítorí ẹyọ kan. Fún tiransifọ́mà kékeré, mo máa ń ní kí wọ́n fi fíúsì tó ń lọ́ra yọ́ sí i, tàbí kí wọ́n ra ẹyọ mẹ́fà: mẹ́ta lórí òpó ṣáájú fíúsì, tí yóò gba èyí tó pọ̀ jù nínú àrá, mẹ́ta lára tiransifọ́mà, tí yóò gba ìyókù. Tí owó kò bá ju ti mẹ́ta lọ, ara tiransifọ́mà ni.

Èkejì ni ti níútírà. Tí ara tiransifọ́mà bá gbé fóòtì sókè pẹ̀lú arẹ́sítà, tí níútírà sì wà lórí ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lápá kejì, ìyàtọ̀ náà máa bọ́ sí àárín kọ́ìlì 415 fóòtì, èyí tó ń gbé iná lọ sílé, àti ara tiransifọ́mà. Òtítọ́ ni. Mo ti rí búṣìn kékeré tó ta iná sára irin nítorí èyí. Ohun tó ń yanjú rẹ̀ ni arẹ́sítà kéékèèké ti 415, mẹ́ta fún fésì, ẹyọ kan fún níútírà, kí a so gbogbo wọn láti búṣìn kékeré sára tiransifọ́mà, pẹ̀lú wáyà kúkúrú bákan náà. Owó wọn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 11 kV. Kí a wá torí ìyẹn padà sí ọ̀nà àkọ́kọ́, a ti fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

9 tàbí 12? Ìyàtọ̀ náà jẹ́ mítà wáyà kan

Ọjà máa ń gbé méjì wá fún láìnì 11 kV: èyí tí wọ́n kọ `Ur 9 kV` sí àti `Ur 12 kV`. Àwọn tó ka ìwé máa ń fẹ́ 9, torí ìṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 30 kV dípò 40. Ó dùn ún gbọ́.

`Ur` yìí ni fóòtì tí arẹ́sítà gbọ́dọ̀ lè gbé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láìkú. Ní ọjọ́ tí gbogbo nǹkan dára, láìnì 11 kV ń gbé 6.35 kV láàárín wáyà kan àti ilẹ̀, tàbí 6.9 tí a bá ka ti 12 kV tó ga jù. Àmọ́ tí wáyà kan bá já bọ́ sílẹ̀, àwọn méjì tó kù á gùnkè. Bí níútírà ní sọbusitéṣọ̀n bá so mọ́ ilẹ̀ gírígírí, wọ́n lè dé nǹkan bíi 9.7. Bí kò bá so dáadáa, wọ́n lè dé 12 pátápátá, kí wọ́n sì wà níbẹ̀ títí ẹnì kan fi máa mọ̀. Níbi tí olè ti ń tú wáyà bàbà ẹ́ẹ̀tì tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ta ni ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé níútírà so? Arẹ́sítà 9 tí ó bá bá ara rẹ̀ lábẹ́ 12 kV máa gbóná, á sì bẹ́, òjò kò tilẹ̀ ní í rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó rí i á ní Ṣàngó bínú nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ wá fi èrè tí 9 ní wé ohun tí a ti ṣírò. kV mẹ́wàá ni, ìyẹn mítà wáyà kan péré. Mo lè gba mítà kan yẹn padà nípa gígé wáyà, láìfi ẹ̀mí arẹ́sítà wewu. Nítorí náà 12 ni mo ń yàn, àyàfi tí mo bá ti fojú ara mi rí bí níútírà ṣe so ní sọbusitéṣọ̀n.

Fún 33 kV, ìjiyàn kan náà ló wà láàárín 30 àti 36, ìdáhùn mi sì bá èyí mu. Ohun tó yàtọ̀ ni àyè. Àwo tiransifọ́mà 33 máa ń gbé `LI 170`, ìyẹn nǹkan bíi 148 lẹ́yìn pípín. Ìṣẹ́kù arẹ́sítà 36 wà ní nǹkan bíi 110. kV 38 ló kù lọ́wọ́, ó ju 25 ti 11 kV lọ, àmọ́ kò tó mítà mẹ́rin wáyà. Ẹni tó bá rò pé torí 33 tóbi ni òun lè fi í sílẹ̀ lórí òpó, ẹ ní kó ṣírò.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún máa ń bi mí nípa 5 kA àti 10 kA. Àmì `DH` ni ti 10 kA lára àwo, `DM` ni ti 5 kA. `DH` ni kí ẹ rà: bíríkì rẹ̀ fẹ̀ ju ti èkejì lọ, nítorí náà ìṣẹ́kù rẹ̀ kéré sí i fún àrá kan náà, ó sì ń pẹ́ láyé níbi tí àrá pọ̀. Ní ti tánganran àti rọ́bà sílíkónì, rọ́bà ni mo fẹ́ràn. Ó fúyẹ́, a lè fi irin kékeré gbé e sára tiransifọ́mà, tí ó bá sì bẹ́ kì í fọ́n àfọ́kù sí ojú ẹni tó ń kọjá. Ìyókù kò tó kí a máa jà sí.

Àpáta kò ní jẹ́ kí ọ̀pá wọlẹ̀

Ilẹ̀ Èkìtì ní ìṣòro tí àwọn tó kọ ìwé ìlànà kò fi bẹ́ẹ̀ rò. Ẹ fi òòlù lu ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì ní ìdí Olósùnta, mítà kan kò ní tán kó tó máa dún bí agogo. Àwọn kan á gé ìyókù dànù, wọ́n á bo ilẹ̀, ó tán. Àwọn mìíràn á da iyọ̀ àti èédú sí i, nọ́ńbà óòmù á sì wálẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Òjò ọdún kan á fọ iyọ̀ náà lọ, ohun tó kù nínú rẹ̀ á sì máa jẹ bàbà.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí a gbẹ́ yàrà tó jìn tó ìdajì mítà sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, ibi tí yẹ̀pẹ̀ bá wà láàárín àpáta, mítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a tẹ́ irin pẹlẹbẹ onísíǹkì sí i, kí a sì fi amọ̀ tó ń di omi mú bò ó. Irin náà kò dá olè lọ́rùn bíi bàbà.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun kan tó máa ń ya àwọn láìnmáànù lẹ́nu. Tí a bá ti yan ọ̀nà kẹta, ilẹ̀ tó le kò fi bẹ́ẹ̀ kan kọ́ìlì 11 kV mọ́, torí fóòtì ilẹ̀ ti jáde kúrò nínú ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ìyà ilẹ̀ líle nígbà náà ni kọ́ìlì 415, àwọn ilé tó so mọ́ ọn, àti ewúrẹ́ tó bá dúró nídìí tiransifọ́mà. Ìdí tí a fi ń tún ẹ́ẹ̀tì ṣe nìyẹn. Ilẹ̀ àdúgbò Ìkẹ́rẹ́ yẹn wálẹ̀ láti 35 sí 14 óòmù lẹ́yìn yàrà mẹ́ta, n kò sì rí bí a ṣe lè mú un wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a ṣe mọ̀ pé àrá ló pa á, àti pé arẹ́sítà ti kú

Àrá kì í sábà jó tiransifọ́mà di eérú. Àwọn yíyí àkọ́kọ́ kọ́ìlì, níbi tí wáyà 11 kV ti wọlé, ló máa ń gún lu ara wọn. Nítorí èyí mégà lè ka ohun tó dára láàárín kọ́ìlì àti ara tiransifọ́mà, kí fíúsì ṣì máa já bí ẹ bá ṣe ń gbé e sí i. Ti Ìkẹ́rẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Mo tú àwọn wáyà méjèèjì kúrò, mo gbé iná 415 láti jẹnẹrétọ̀ wọ apá 11 kV. Ẹ ṣọ́ra níbí: tí ẹ bá ṣì í gbé sí apá kejì, 11,000 ló máa jáde lókè. Tiransifọ́mà náà ń dín fóòtì kù ní ìlọ́po 26.5, nítorí náà ó yẹ kí n rí nǹkan bíi 15.7 fóòtì láàárín fésì àti fésì ní ìsàlẹ̀, àti 9 láàárín fésì kọ̀ọ̀kan àti níútírà. Méjì ka 9. Ẹ̀kẹta kò dé 7, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń fa iná ju ti àwọn yòókù lọ. Kò sí ohun tí mo tún ń wá mọ́.

Ní ti arẹ́sítà fúnra rẹ̀, ìdí ni kí ẹ máa wò. Púpọ̀ nínú àwọn tòde òní ní fìlà dúdú kékeré kan níbi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ti so mọ́ ọn. Tí arẹ́sítà bá kú, tí iná láìnì ń gba inú rẹ̀ lọ, fìlà náà á bẹ́, wáyà á sì já bọ́ sísàlẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Torí èyí, wáyà tó rọ̀ ni kí ẹ lò níbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé tí ó bá bọ́ kò ní kan fésì kejì. Ẹni tó bá fi irin gbọọrọ tó le so ó ti sọ fìlà náà di ọ̀ṣọ́ lásán.

Tiransifọ́mà tuntun Ìkẹ́rẹ́ wọlé ní oṣù Kẹrin, pẹ̀lú arẹ́sítà rọ́bà 12 kV lára rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn òjò alẹ́ kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn, fíúsì àárín já. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ọmọkùnrin kan ti fẹ́ gun pèpéle, ó ní wáyà kan tú nísàlẹ̀ arẹ́sítà àárín, kí òun fi wáyà kékeré dì í padà kí iná tètè dé. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó wá fìlà dúdú kan fún mi nínú koríko. Ó rí i, ó ti ya sí méjì. A pa iná, a yọ arẹ́sítà náà, mo fi mégà 5,000 fóòtì wọ̀n ọ́n: 2 mégóòmù. Àwọn méjì tó kù ga ju ibi tí mégà mi lè kà lọ. Mo tún gbé jẹnẹrétọ̀ jáde, mo sì ka fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: 9, 9, 9. Ẹyọ arẹ́sítà kan, fíúsì kan, iná sì dé kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́.